Ṣé Máàkì Ìdánwò Máa Ń Ní Ìrísí Agogo? Àgbéyẹ̀wò Gíráàfù Ìṣeéṣe Nọ́mà, láti Abaji dé Bwari

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló gbà pé bí ìdánwò bá dára, máàkì àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ ní ìrísí agogo: ọ̀pọ̀lọpọ̀ láàárín, ìwọ̀nba lókè, ìwọ̀nba nísàlẹ̀, kí apá méjèèjì sì dọ́gba. Ìgbàgbọ́ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1869, Francis Galton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú máàkì àwọn tó ṣe ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ ológun Sandhurst, ó fi wọ́n wé tábìlì tí Adolphe Quetelet ará Bẹ́ljíọ̀mù ti ṣe sílẹ̀, ó sì sọ pé wọ́n bára mu. Ohun tó gbé ìgbàgbọ́ náà ró ju bẹ́ẹ̀ lọ ni iṣẹ́ Abraham de Moivre ní 1733. Ó fi hàn pé bí a bá ń ta owó ẹyọ sókè lọ́pọ̀ ìgbà, tí a ń ka iye ìgbà tí orí rẹ̀ hàn, òǹkà tí a óò máa rí yóò súnmọ́ ìrísí agogo bí títa náà bá ṣe ń pọ̀ sí i. Máàkì ìdánwò pẹ̀lú jẹ́ àpapọ̀ ohun kéékèèké, nítorí náà ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà kàn án.

Ibi tí àfiwé yẹn ti já ni pé owó ẹyọ tí a ta lẹ́ẹ̀kejì kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ìbéèrè inú ìdánwò kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ kan náà ló ń dáhùn gbogbo wọn. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ro ìdá pọ̀ yóò gba ìbéèrè mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà; ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò pàdánù gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí ìrísí máàkì fi ń tẹ̀lé bí ìmọ̀ ṣe pín láàárín àwọn ọmọ ju bó ṣe ń tẹ̀lé òfin de Moivre lọ. Bí ìmọ̀ bá pín lọ́nà agogo, máàkì yóò ní ìrísí agogo. Bí kò bá pín bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó ní kí máàkì rí bẹ́ẹ̀.

A ò lè mọ èwo ló ṣẹlẹ̀ láìwo máàkì fúnra rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń yà ni gíráàfù onígi, níbi tí wọ́n ti ń ka iye ọmọ tó gba 30 sí 39, 40 sí 49, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Fún kíláàsì kékeré, gíráàfù yẹn máa ń tan ni jẹ. Bí o bá yí ìpín náà díẹ̀, tí o bẹ̀rẹ̀ láti 35 dípò 30, òpó tó ga jù lè kúrò ní àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, bẹ́ẹ̀ máàkì kankan kò yí padà. Ojú ènìyàn kò sì mọ agogo gidi yàtọ̀ sí òkìtì tó kàn jọ ọ́. Ohun tí ojú wa mọ̀ dáadáa ni ìlà tààrà. Ohun tí gíráàfù ìṣeéṣe nọ́mà ṣe nìyẹn: ó yí ìbéèrè náà padà kí ìdáhùn rẹ̀ lè di bóyá àwọn àmì wà lórí ìlà tààrà tàbí wọn kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú kíláàsì kékeré kan ní Abaji, ìlú tó wà lójú ọ̀nà Abuja sí Lokoja. Ọmọ mẹ́wàá ló ṣe ìdánwò ìṣirò. Èmi ni mo to máàkì wọn jọ fún àpẹẹrẹ, wọn kì í ṣe ti ilé ìwé kankan. Tí a bá tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, wọ́n jẹ́ 31, 38, 42, 45, 49, 52, 55, 60, 66 àti 78.

Títò yẹn ni ìgbésẹ̀ kìíní. Lẹ́yìn rẹ̀, a ó fún máàkì kọ̀ọ̀kan ní ipò, ìyẹn ìdá àwọn ọmọ tí a lè kà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó kéré jù ni ẹni kìíní, ẹni tó ga jù ni ẹni kẹwàá. A ó yọ ìdajì kúrò nínú nọ́ńbà ẹni náà, ká tó fi iye ọmọ pín in: (i − 0.5)/n. Nítorí náà, 31 bọ́ sí 0.05, 38 bọ́ sí 0.15, bẹ́ẹ̀ la ó máa lọ títí 78 yóò fi bọ́ sí 0.95. Ìdajì tí a yọ yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí a bá kàn fi 10 pín 10, ẹni tó ga jù yóò wà ní ipò 1, ìyẹn ni pé gbogbo ayé wà lábẹ́ rẹ̀, agogo kò sì ní ibì kankan tí gbogbo ayé ti wà lábẹ́ ẹnì kan, nítorí ìrù rẹ̀ kò lópin. Allen Hazen, onímọ̀ ẹ̀rọ omi ará Amẹ́ríkà, ló lo ọ̀nà yìí ní 1914 lórí bébà pàtàkì tó ṣe fún ìṣirò omi inú ìdídò. Ní 1958, Gunnar Blom ará Swídìn dábàá (i − 3/8)/(n + 1/4). Fún iṣẹ́ olùkọ́, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò tó ohun tí ojú lè rí.

Ìgbésẹ̀ kẹta ló ń ṣe iṣẹ́ gan-an. A ó bi agogo tó pé ní ìbéèrè yìí: ibo ni ẹni tó wà ní ipò 0.05 yẹ kó dúró? Ìdáhùn rẹ̀ ni òǹkà tí wọ́n ń pè ní z. Ẹni tó wà ní àárín gan-an ní z tó jẹ́ 0. Ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà lábẹ́ ẹni tí z rẹ̀ jẹ́ 1. Tábìlì nọ́mà tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé ìṣirò yóò fún wa ní z fún ipò kọ̀ọ̀kan. Fún ọmọ mẹ́wàá wa, wọ́n jẹ́ −1.64, −1.04, −0.67, −0.39, −0.13, lẹ́yìn náà 0.13, 0.39, 0.67, 1.04 àti 1.64. Ẹ kíyè sí i pé àlàfo àárín wọn kò dọ́gba. Láàárín, wọ́n fún pọ̀. Ní ìpẹ̀kun méjèèjì, wọ́n jìnnà síra. Bí ọmọ ṣe ń pín nínú agogo nìyẹn. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè kọ èyí sínú Excel, bí àwọn nọ́ńbà 1 sí 10 bá wà ní òpó A:

```
=NORM.S.INV((A1-0.5)/10)
```

Ní ìparí, a ó fi z sí ìlà ìdùbúlẹ̀, a ó fi máàkì sí ìlà ìdúró, a ó sì fi àmì sí ibi tí méjèèjì ti pàdé fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí máàkì bá ní ìrísí agogo, àwọn àmì yóò tò sórí ìlà tààrà kan, nítorí ohun tí agogo retí àti ohun tí a rí ń gòkè papọ̀. Ìlà náà fúnra rẹ̀ ń sọ nǹkan méjì. Ibi tó ti kọjá z = 0 ni àròpín máàkì; bó ṣe dagun sí ni ìfọ́nká máàkì, ìyẹn iye máàkì tí ìgbésẹ̀ kan lórí z ń gbà. Fún kíláàsì wa, ìlà tó bá àwọn àmì mu jù kọjá 51.6, ó sì ń gòkè ní máàkì 14 fún z kọ̀ọ̀kan.

Wàyí o, ká fi ìlà náà wé àwọn àmì. Fún ẹni ìsàlẹ̀ pátápátá, ìlà sọ pé kó gba nǹkan bí 28.6, ó gba 31. Fún ẹni òkè pátápátá, ìlà sọ pé nǹkan bí 74.6, ó gba 78. Àwọn méjèèjì ga ju ìlà lọ, àwọn tó wà ní àárín sì rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i: ẹni tó gba 55 yẹ kó gba 57. Àwọn àmì náà tẹ̀ díẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi tó gbé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sókè. Títẹ̀ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí pé ìrù òkè gùn ju ìrù ìsàlẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé àwọn díẹ̀ ti sá síwájú, àwọn tó kù fún pọ̀ sẹ́yìn. Bí títẹ̀ náà bá dorí kodò, ìdánwò rọrùn jù fún wọn nìyẹn: ọ̀pọ̀ ti kó jọ sẹ́bàá 100 tí wọn kò lè kọjá, àwọn díẹ̀ ń wọ́ tẹ̀lé wọn nísàlẹ̀.

Ṣé títẹ̀ kíláàsì wa tó ohun tí a lè pariwo lé? Rárá o. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, nítorí wọ́n ń retí ìlà tó gún régé láti ọwọ́ ọmọ mẹ́wàá. Agogo gidi pàápàá, bí a bá yọ ọmọ mẹ́wàá péré nínú rẹ̀, àwọn àmì yóò yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, pàápàá ní ìpẹ̀kun méjèèjì, níbi tí ọmọ kan ṣoṣo ti ń ṣojú gbogbo ìrù. James Filliben ṣe òṣùwọ̀n kan jáde fún ọ̀rọ̀ yìí ní 1975: ó wọn bí máàkì àti z ṣe bára rìn sí, láti 0 dé 1. Ti kíláàsì wa jẹ́ nǹkan bí 0.99. Fún ọmọ mẹ́wàá, ó di ìgbà tí òǹkà náà bá rẹlẹ̀ ju nǹkan bí 0.92 lọ kí a tó lè sọ pé agogo kò bá wọn mu. Ọ̀nà mìíràn wà tí mo fẹ́ràn jù, nítorí ó ń kọ́ ojú. Ní R, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe kíláàsì ogún láti inú agogo gidi, ọmọ mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹ sì wo gíráàfù gbogbo wọn kí ẹ tó wo ti kíláàsì yín:

```
x <- c(31,38,42,45,49,52,55,60,66,78)
par(mfrow=c(4,5))
for (i in 1:20) qqnorm(rnorm(10, 51.6, 14))
par(mfrow=c(1,1))
qqnorm(x); qqline(x)
```

Ẹni tó bá wo ogún yẹn tán kì í tún fi ìkánjú dá kíláàsì kékeré lẹ́bi. Yóò rí i pé bí àwọn ọmọ wa ṣe tẹ̀ kò ju bí ọ̀pọ̀ nínú ogún náà ṣe tẹ̀ lọ. Ìdájọ́ tó tọ́ fún ọmọ mẹ́wàá ni pé a kò rí ẹ̀rí tó tako agogo. Ìyẹn yàtọ̀ gédégédé sí pé a ti fi hàn pé agogo ni.

Bí ọmọ bá pọ̀ tó ogójì tàbí ọgọ́rin, gíráàfù náà bẹ̀rẹ̀ sí sọ ohun tí àròpín kò lè sọ láé. Èyí tó máa ń hàn kíákíá jù ni àtẹ̀gùn tó wà níbi máàkì àtiyege. Ká ní 40 ni máàkì àtiyege, ọmọ ogójì ló sì ṣe ìdánwò náà, àròpín wọn jẹ́ 52, ìfọ́nká wọn jẹ́ 14. Agogo yóò retí nǹkan bí ọmọ kan lórí 40 gan-an, àti nǹkan bí ọmọ méjì lápapọ̀ lórí 37, 38 àti 39. Bí ó bá wá jẹ́ pé ọmọ márùn-ún ló wà lórí 40, tí kò sì sí ẹnikẹ́ni lórí 37 sí 39, àmì márùn-ún yóò dùbúlẹ̀ gbalaja lórí 40, ní ìsàlẹ̀ wọn ni àwọn àmì yóò ti já wálẹ̀ lójijì sí 36. Nínú gíráàfù onígi tó kó 40 sí 49 pọ̀, gbogbo èyí yóò pòórá.

Ohun tó fa àtẹ̀gùn yẹn kò ṣòro láti mọ̀ fún ẹni tó ti máàkì ìwé rí. Olùkọ́ rí 38, àánú ṣe é, ó padà wo ìwé náà, ó wá máàkì méjì sí i. Èyí tó gbàfiyèsí ni pé kò padà wo ìwé ẹni tó gba 45, bẹ́ẹ̀ àṣìṣe lè wà níbẹ̀ náà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa nìkan. Ní Pólándì, níbi tí máàkì àtiyege ìdánwò Matura ti jẹ́ 30 nínú ọgọ́rùn-ún, èsì ìdánwò èdè Pólándì tí ìjọba wọn gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 2010 fi hàn pé àwọn tó wà díẹ̀ lábẹ́ 30 fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, àwọn tó wà lórí 30 gan-an sì ga fíofío. Gíráàfù yìí kò lè sọ bóyá àánú ló fà á, tàbí àbẹ̀tẹ́lẹ̀, tàbí òfin pé kí ẹlòmíràn tún ìwé tó wà létí wò. Ibi tí ọwọ́ ènìyàn ti kan máàkì ló ń fi hàn. Olórí ilé ìwé ló kù tí yóò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ohun kejì tó máa ń hàn ni pé kíláàsì méjì ló wà nínú máàkì kan. Bí olùkọ́ ìṣirò bá wà fún apá A ní gbogbo sáà, tí apá B kò sì ní olùkọ́ fún oṣù méjì, tí a bá da máàkì wọn pọ̀, àwọn àmì yóò rọra gòkè nísàlẹ̀, wọn yóò fò sókè gan-an láàárín, wọn yóò tún rọra gòkè lókè. Fífò àárín yẹn ni àlàfo tó wà láàárín apá méjèèjì. Ṣùgbọ́n èyí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àlàfo náà bá gbòòrò nìkan. Bí apá méjèèjì bá súnmọ́ra, tàbí tí ọ̀kan bá kéré púpọ̀ sí èkejì, ìdàpọ̀ náà lè dán mọ́rán lójú, kí àṣìṣe sì wà nínú rẹ̀. Àpẹẹrẹ tó tóbi jù tí mo mọ̀ nípa ìyẹn kò jìnnà sí Abaji. Ní Bwari ló ti ṣẹlẹ̀, nínú Àgbègbè Olú-ìlú Àpapọ̀ kan náà, níbi tí oríléeṣẹ́ JAMB wà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún 2025, JAMB gbé òǹkà èsì UTME jáde fún àwọn 1,955,069 tó ṣe é. Máàkì 400 ni òpin rẹ̀. Wọ́n pín wọn sí ìsọ̀rí mẹ́sàn-án, ìyẹn sì fún wa ní ààlà mẹ́jọ tí a lè fi ya gíráàfù. A ò nílò máàkì ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó tó kí a mọ iye ènìyàn tó wà lábẹ́ ààlà kọ̀ọ̀kan, kí a sọ ọ́ di ìdá, kí a sì sọ ìdá náà di z. Òǹkà JAMB ni mo lò, èmi ni mo ṣe ìṣirò z:

| Ààlà máàkì | Iye tó wà lábẹ́ rẹ̀ | Ìdá (%) | z |
|---|---|---|---|
| 100 | 2,031 | 0.10 | −3.08 |
| 120 | 5,851 | 0.30 | −2.75 |
| 140 | 63,270 | 3.24 | −1.85 |
| 160 | 551,467 | 28.21 | −0.58 |
| 200 | 1,534,654 | 78.50 | 0.79 |
| 250 | 1,869,214 | 95.61 | 1.71 |
| 300 | 1,942,655 | 99.37 | 2.49 |
| 320 | 1,950,313 | 99.76 | 2.82 |

Ẹ yà á sórí bébà, ẹ ó rí i pé kì í ṣe ìlà tààrà. Láàárín 140 àti 160, ìlà náà rọra ń gòkè, máàkì 16 péré ni ìgbésẹ̀ kan lórí z ń gbà. Láàárín 160 àti 200, ó di 29. Láàárín 200 àti 250, ó di 54, nígbà tó sì dé 250 sí 300, ó di 64. Ìdagun rẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́rin pọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọkọ̀ tí a rí nínú kíláàsì ọmọ mẹ́wàá náà ni, àmọ́ nísinsìnyí ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì, kò sí ẹni tó lè sọ pé orí ire ló mú un tẹ̀. Ìsàlẹ̀ 140 nìkan ni ìlà tún ti dagun, pàápàá ìsàlẹ̀ 120, níbi tí ènìyàn kò ti pé 6,000.

Bí a bá fa ìlà tààrà gba àmì 160 àti 200 kọjá, agogo tí ìlà náà dúró fún ní àròpín 177 àti ìfọ́nká 29. Agogo yẹn yóò sọ pé àwọn tó gba 300 sókè kò gbọ́dọ̀ pé ọgbọ̀n ní gbogbo Nàìjíríà. Àwọn tó gbà á jẹ́ 12,414. Yóò tún sọ pé nǹkan bí 50,000 ni yóò wà lábẹ́ 120, bẹ́ẹ̀ 5,851 péré ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi agogo ṣe òfin, yóò fura sí gbogbo ọmọ tó gba 300, yóò sì ṣẹ̀ wọ́n.

Ìdí tí ìrù ìsàlẹ̀ fi kúrú ṣeé rí nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánwò náà. Ìbéèrè 180 ni, 60 fún Èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta yòókù, ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin ló sì wà láti mú ọ̀kan. Bí a bá ka gbogbo ìbéèrè sí dọ́gba nínú iṣẹ́ kan, ẹni tó méfò gbogbo rẹ̀ láìka ìwé kankan yóò gba nǹkan bí 100, pẹ̀lú ìfọ́nká nǹkan bí 13. Ilẹ̀ ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn dúró lé. Ẹni tó mọ ìdá kan nínú márùn-ún, tó sì méfò ìyókù, yóò gba 160. Ẹni tó mọ ìdá kan nínú mẹ́ta yóò gba 200. Ẹni tó mọ ìdá méjì nínú mẹ́ta yóò gba 300. Méfò kàn sún gbogbo ènìyàn sókè ni, òun kọ́ ló tẹ ìlà náà. Ìmọ̀ fúnra rẹ̀ ló pín bẹ́ẹ̀: ẹni tó wà ní àárín gan-an gba nǹkan bí 177, èyí tó dọ́gba pẹ̀lú kí ó mọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹnikẹ́ni kò sì lè mọ ohun tó kéré sí òfo. Ohun tó yẹ kó dùn wá nínú gíráàfù náà nìyẹn, ó sì ju ariwo pé ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún kò gba 200 lọ. 200 kì í ṣe máàkì àtiyege. Ìdajì 400 lásán ni.

Ẹ wá wo 2024. Nínú èsì 1,842,464 tí JAMB gbé jáde lọ́dún náà, 1,402,490 wà lábẹ́ 200, 77,070 gba 250 sókè, 8,401 sì gba 300 sókè. Ní z, ìyẹn jẹ́ 0.71, 1.73 àti 2.61. Ti 2025 jẹ́ 0.79, 1.71 àti 2.49. Bí a bá ya ọdún méjèèjì sórí bébà kan, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ara wọn. Ẹni tó bá jókòó sí Bwari tó wo gíráàfù méjèèjì lè sọ tọkàntọkàn pé 2025 jọ ọdún tó ṣáájú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún 2025, ọ̀gá JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìsháàq Olóyèédé, bọ́ síta níwájú àwọn oníròyìn, ó tọrọ àforíjì, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn ọmọ 379,997 ni èsì wọn kò tọ̀nà, ní ibùdó ìdánwò 157: 65 ní Èkó, 92 ní àwọn ìpínlẹ̀ ìhà Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Lọ́dún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí da ìbéèrè àti ìdáhùn rú fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ṣe àtúnṣe sí ètò orí sáfà kí ó lè máa mọ ìdáhùn tó jẹ́ ti ẹni kọ̀ọ̀kan. Àtúnṣe náà dé orí sáfà tí wọ́n ń pè ní KAD, kò dé orí LAG tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Igbe tí àwọn ọmọ àti ilé ìwé wọn ké ló mú kí JAMB tètè padà wò ó, tí àwọn ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí tún ìdánwò ṣe láti ọjọ́ kẹrìndínlógún.

Àwọn 379,997 yẹn lé díẹ̀ ní ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo èsì. Ọ̀kan nínú márùn-ún ti bàjẹ́ tán, gíráàfù gbogbogbòò kò mì. Kì í ṣe pé irinṣẹ́ náà kò dára. Àwọn tó bàjẹ́ bọ́ sí àgbègbè tí èrò ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí bí ètò bá fi ìdáhùn ọmọ wé ìdáhùn tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìbéèrè, máàkì rẹ̀ yóò sún sí ti ẹni tó méfò, ìyẹn ìsàlẹ̀ 160 níbi tí ìlà ti fún pọ̀ jù. Bí a bá ya LAG sọ́tọ̀, kí a fi àmì tirẹ̀ sórí bébà kan náà pẹ̀lú KAD, nǹkan méjì ni à bá retí: ìlà rẹ̀ yóò wà nísàlẹ̀ ti KAD, yóò sì tẹ́ jù ú lọ, nítorí méfò ń pa ìfọ́nká run. Ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò kàwé lè ní ìlà tó rẹlẹ̀. Àmọ́ ìlà tó rẹlẹ̀ tó sì tún tẹ́ pẹrẹsẹ, ní Èkó tí àwọn ọmọ olówó àti ọmọ tálákà ti ń ṣe ìdánwò papọ̀, ó yẹ kó mú kí ẹnikẹ́ni dá iṣẹ́ dúró.

Ohun kan náà ló wà fún olùkọ́ tó ní apá A àti apá B ní Abaji: kó kọ́kọ́ ya ìlà méjì sórí bébà kan, lẹ́yìn náà ni kó tó béèrè bóyá àpapọ̀ wọn ní ìrísí agogo. Bí ìlà méjèèjì bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, tí ìdagun wọn dọ́gba tí ọ̀kan kàn ga ju èkejì lọ, ẹ̀kọ́ ló yàtọ̀, tàbí ẹni tó máàkì ọ̀kan ló lawọ́. Bí ìdagun bá yàtọ̀, ó yẹ kó wo bébà ìdáhùn tí wọ́n fi máàkì kí ó tó wo àwọn ọmọ.

Ní ti JAMB, òǹkà mẹ́sàn-án péré ló fún wa fún odindi Nàìjíríà, mo sì rò pé ó yẹ ká béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìsọ̀rí mẹ́sàn-án kan náà, fún sáfà kọ̀ọ̀kan tàbí fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò ju ojú ìwé kan lọ, kò sì sí orúkọ ọmọ kankan nínú rẹ̀. Kí wọ́n gbé e jáde kí ọmọ kankan tó rí máàkì tirẹ̀. Olùkọ́ tó ní tábìlì nọ́mà àti bébà gíráàfù ní Abaji yóò ya gbogbo rẹ̀ tán ní ọ̀sán kan, bí ìlà kan bá sì wà nísàlẹ̀ tó tẹ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò rí i kí wọ́n tó ní kí àwọn ọmọ lọ tún ìdánwò ṣe.